Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò nínú Photopea, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe wọ̀nyí

Bí Photopea tí à ń fi buráúsà ṣí bá dúró sójú kan, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù ní Ìkòròdú a ra dátà kún dátà, tàbí kí wọ́n tẹ rìfúrẹ́ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ṣí tán, inú kọ̀ǹpútà yín ló ti ń gé fọ́tò. Ẹ lè pa họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù yín kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mẹ́mọ́rì RAM ló sábà máa ń tán, rìfúrẹ́ṣì sì máa pa iṣẹ́ tí ẹ kò tíì sefù rẹ́.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò bó ṣe ti inú fóònù jáde. Ká ní oníbàárà kan ní Sábó gbé fọ́tò 3000 × 4000 wá, ó fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ di funfun. Fáìlì yẹn lè má ju 3 MB lọ, òun ló ń tan èèyàn jẹ. Bó bá ṣí, ó di píkísẹ́lì mílíọ̀nù 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4, léyà kan ṣoṣo sì jẹ 48 MB nìyẹn. Bí ẹ bá tún fi Ctrl+J ṣe ẹ̀dà méjì torí ìbẹ̀rù, ó di 144 MB, a ò tíì ka ohun tí ó ń tọ́jú fún Ctrl+Z. Láptọ́ọ̀pù 4 GB tí Windows àti Chrome ti ń pín lò kò ní pẹ́ kó tó kú fín-ín-fín.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pásípọ́ọ̀tù 35 × 45 mm kò ju 413 × 531 lọ bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 300 DPI. Bí ojú oníbàárà bá kéré nínú fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ tẹ C, kí ẹ gé àyíká rẹ̀ kúrò. Bí ojú bá kún fọ́tò dáadáa, ẹ lọ sí Image > Image Size, ẹ kọ 1200 sí ìbú. Gíga á di 1600, léyà á sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8 MB.

Àṣìṣe kejì ni lílo ìrésà. Ohun tí ìrésà bá ti pa, bí ẹ bá ti kọjá ibi tí Ctrl+Z lè dé, ó lọ nìyẹn. Ẹ tẹ W láti mú irinṣẹ́ tí a fi ń yan nǹkan, kí ẹ fi yan èèyàn náà, kí ẹ tẹ àmì máàskì tó wà nísàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì Layers, kí ẹ wá fi léyà funfun sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọrùn aṣọ dáadáa: bó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun níwájú ògiri funfun, W sábà máa ń kó kọ́là mọ́ ògiri, ejìká á sì dà bí èyí tí eku jẹ. Ẹ tẹ máàskì náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú B, ẹ fi àwọ̀ funfun kun ibẹ̀, kọ́là á padà. Dúdú ló ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀dà kankan ò pọn dandan mọ́.

Kí ẹ tó ṣe JPG, ẹ kọ́kọ́ tẹ File > Save as PSD. Orí kọ̀ǹpútà yín ló máa bọ́ sí, kò sì ní jẹ dátà.