Ẹ má tíì ti àkáùntì olóògbé pa pátápátá

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí báńkì, kí ẹ tó ní kí wọ́n ti àkáùntì pa, ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àtèyí tó jáde láàárín ọdún kan. Ẹ fara balẹ̀ wo owó kéékèèké tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá ń lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ó ṣeé ṣe kí olóògbé ní ìnṣọ́ráǹsì tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà ìnṣọ́ráǹsì náà máa ń wà lórí ìlà yẹn gan-an. Òun ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí olóògbé bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìnṣọ́ráǹsì náà ló ni owó rẹ̀, kì í sì í sábà dúró de ìwé àṣẹ kóòtù bíi ti owó báńkì.

Ti pẹ́nṣọ̀n ńkọ́? Ká ní baba kú lóṣù kẹta, tí owó oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ṣì ń wọlé, ẹ má fọwọ́ kàn án o, àwọn tó ń san pẹ́nṣọ̀n á gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá ìyàwó tàbí ọmọ tí kò tíì dàgbà ní ìpín tiwọn. Káàdì olóògbé náà, kódà nítorí ìnáwó ìsìnkú, ẹ má fi yọ owó.