Bí a ṣe ń pín yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ẹni tó ti ń gbé níbẹ̀ kò fi ní pàdánù

Bí wọ́n bá ń pín yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́ ló máa ń le jù. Ti àwọn tó ti ń gbébẹ̀ láti ọdún tó kọjá ni. Ẹ wo Ago-Ìwòyè, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ti ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì aládàáni. Ọmọbìnrin kan wà ní yàrá tí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kó sùn. Ó wù ú kó kó lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá fi orúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ pààrọ̀, yàrá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè bọ́, kí wọ́n sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ló bá jókòó síbi tó wà. Ẹlòmíràn sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yàrá ọmọ yìí gan-an ń wù, tí yàrá tirẹ̀ náà sì ń wu ọmọ yìí. Ẹ̀rù ń ba òun náà, òun náà jókòó. Àwọn méjèèjì á lo ọdún kan gbáko níbi tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, nígbà tó jẹ́ pé pààrọ̀ lásán ni ì bá parí ẹ̀.

Ìlànà kan wà tó yanjú èyí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Atila Abdulkadiroğlu àti Tayfun Sönmez, ló gbé e jáde ní 1999. Òfin rẹ̀ kò gùn: bí o bá bèèrè yàrá tí mò ń gbé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ yàn kí ó tó kàn ọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ yìí, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara yàrá. Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo wọn sí ojú ìwé kan, kí ẹ kọ iye owó, àjà tó wà, bó ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ omi àti ilé ìwẹ̀, àti ìhà tí fèrèsé kọjú sí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni yàrá 2 wà, tó wá kọ ọ́ sókè nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, yóò kígbe lẹ́yìn ọ̀la, kò sì sí ìlànà tó lè gbà á sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wà tí kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí àìlera, ẹ yọ yàrá ìsàlẹ̀ kan fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kí ẹ sì sọ ọ́ síta pé ẹ ti yọ ọ́ àti ìdí tó wà fún irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ ní ìkọ̀kọ̀ ló máa ń di ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò to àwọn yàrá bí wọ́n ṣe wù ú, láti orí èyí tó wù ú jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ gbọ́dọ̀ to gbogbo yàrá tó lè gbà. Ẹni tó ti ní yàrá kò nílò àtòjọ gígùn: kó kọ àwọn tó sàn ju tirẹ̀ lójú rẹ̀, kó wá fi tirẹ̀ parí i. Bí kò bá sí èyí tó sàn jù, kó kọ tirẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ gba gbogbo fọ́ọ̀mù, ẹ tì í pa, kí ẹ tó ṣẹ́ kèké.

Kèké náà, gbangba ni kó ti wáyé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn, ẹni tuntun àti ẹni tó ti ní yàrá, sínú ìwé pélébé tó dọ́gba, ẹ ká a bákan náà, ẹ kó o sínú abọ́. Kí ẹni tí kò bèèrè yàrá kankan máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin kékeré kan tó ní yàrá mẹ́fà, ẹnì kan nínú yàrá kan. Bísí ń gbé yàrá 2, Dúpẹ́ ń gbé yàrá 4, Yétúndé ń gbé yàrá 6. Yàrá 1, 3 àti 5 ṣófo. Ṣadé, Kẹ́mi àti Títí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe jáde nínú kèké àti ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Ṣadé: 4, 1, 3, 6, 5, 2
Kẹ́mi: 6, 3, 5, 1, 4, 2
Títí: 1, 6, 3, 5, 4, 2
Bísí (yàrá 2): 4, 2
Yétúndé (yàrá 6): 1, 5, 6
Dúpẹ́ (yàrá 4): 2, 4

Ká ní kèké lásán ni, tí oníkálukú ń mú ohun tó bá kù nígbà tó bá kàn án. Ṣadé yóò mú 4, Kẹ́mi yóò mú 6, Títí yóò mú 1. Bísí yóò padà sí 2, Yétúndé yóò bọ́ sí 5. Nígbà tí yóò bá fi kan Dúpẹ́, 2 ti lọ, yàrá 4 tirẹ̀ náà ti lọ, yàrá 3 tí kò kọ sílẹ̀ rárá ló kù fún un. Irú Dúpẹ́ yìí ni kò ní fi orúkọ sílẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo òfin tiwa. Ó kan Ṣadé, ó bèèrè yàrá 4. Dúpẹ́ ló ń gbé e, nítorí náà Dúpẹ́ bọ́ síwájú Ṣadé láti yàn. Dúpẹ́ bèèrè yàrá 2. Bísí ló ń gbé e, Bísí náà bọ́ síwájú Dúpẹ́. Bísí bèèrè yàrá 4, tí í ṣe ti Dúpẹ́, Dúpẹ́ sì ti wà lórí ìlà. Ìbéèrè ti yí po, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún àwọn tó wà nínú ìyípo náà ní ohun tí wọ́n bèèrè lójú ẹsẹ̀: Bísí gba 4, Dúpẹ́ gba 2, àwọn méjèèjì sì kúrò lórí ìlà. Ó padà kan Ṣadé. Yàrá 4 ti lọ, èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìwé rẹ̀ ni 1, ó ṣófo, ó gbà á.

Ó kan Kẹ́mi, ó bèèrè 6. Yétúndé ló wà níbẹ̀, Yétúndé bọ́ síwájú. Yàrá 1 ló wù ú jù, ṣùgbọ́n Ṣadé ti gbà á. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 5, ó ṣófo, ó gbà á. Níbí, ìbéèrè kò yí po, orí yàrá tó ṣófo ló parí sí, yàrá 6 sì ṣófo fún Kẹ́mi. Títí ló kù: 1 ti lọ, 6 ti lọ, ó gba 3.

Ẹ wò ó pé Bísí àti Dúpẹ́ gba ohun tó wù wọ́n jù, Yétúndé kúrò níbi tó wà lọ síbi tó wù ú jù ú lọ, kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́ta tó pàdánù. Bí Dúpẹ́ bá ti kọ yàrá 4 nìkan, bí Ṣadé ṣe bèèrè rẹ̀ Dúpẹ́ yóò bọ́ síwájú, yóò bèèrè tirẹ̀, yóò gbà á, Ṣadé yóò sì kọjá sí èyí tó kàn. Ìdánilójú yìí ló ń mú kí ẹni tó ti ní yàrá lè fi ọkàn balẹ̀ kọ èyí tó wù ú.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yékéyéké ni pé irọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Bí ó bá kàn ọ́, èyí tó ga jù nínú ìwé rẹ tó ṣì wà nílẹ̀ ni wọn yóò wò. Bí o bá kọ yàrá tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ sókè tí o kò rí i gbà, èyí tó tẹ̀ lé e kò tíì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ alámòójútó ló ń ṣe òdìkejì: wọn á kọ́kọ́ pín yàrá fún gbogbo ẹni tó kọ ọ́ sí ipò kìíní, kí wọ́n tó wo ipò kejì. Nínú ìyẹn, ẹni tó bá pàdánù ipò kìíní yóò rí i pé àwọn tó kọ yàrá ipò kejì rẹ̀ sókè ti gbà á lọ. Kò ní pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi máa wádìí ohun tí ẹlòmíràn kọ, tí olóòótọ́ á sì jìyà. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ìlú Boston ní Amẹ́ríkà fi ń pín ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kí wọ́n tó pa á tì ní 2005.

Kí ẹ tó lẹ èsì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjì. Ẹ mú fọ́ọ̀mù ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti ní yàrá: ohun tó gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá rẹ̀ tàbí èyí tó kọ sókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ ti ẹnìkejì ju èyí tó gbà lọ. Bí ẹ bá rí irú wọn nínú fọ́ọ̀mù, ẹ ti fo ìgbésẹ̀ kan, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ síta, pẹ̀lú ìlà kèké àti ìtàn bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe lọ. Bí Títí bá ní kí ló dé tí òun kò rí yàrá 1, ẹ ó fi hàn án pé Ṣadé ṣáájú rẹ̀ nínú kèké. Bí Ṣadé bá ní kí ló dé tí Bísí tó wà lẹ́yìn òun fi gba 4, ìdáhùn ni pé ti Dúpẹ́ ni 4, Dúpẹ́ ló sì fi pààrọ̀ yàrá 2. Ó lè dun Ṣadé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ẹnì kan jókòó kọ orúkọ òun nù.

Níbi tí ènìyàn mẹ́rin ti ń gbé yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ pín, kì í ṣe yàrá. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 1A, 1B bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òkè bọ́ńkì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò wù gbogbo ènìyàn bákan náà, ẹni tí wọ́n bá sì bèèrè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan pàtó.

Ti ọ̀rẹ́ tó fẹ́ gbé pọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà yìí ń bèèrè irú yàrá tó wù ọ́, kò bèèrè irú ẹni tó wù ọ́. Láti 1962 ni David Gale àti Lloyd Shapley ti fi hàn pé bí ènìyàn bá ń yan ẹni tí wọ́n máa jọ gbé, ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò sí bí ẹ ṣe lè tò wọ́n tí àwọn méjì kan kò fi ní fẹ́ sá fi ẹnìkejì wọn sílẹ̀ láti jọ gbé. Nítorí náà, níbi tí yàrá bá jẹ́ ẹlẹ́ni méjì, tí ọ̀rẹ́ méjì sì jọ gbà láti gbé pọ̀, ẹ pè wọ́n ní ẹnì kan: fọ́ọ̀mù kan, ìwé kan nínú kèké. Yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé nìkan ni wọ́n lè pè ní tiwọn. Ẹni tó bá fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ sí i pé ìdánilójú tirẹ̀ ti lọ.

Lẹ́yìn èsì, ẹnì kan yóò wá sọ pé òun kò gbà á mọ́, òun ti rí yàrá ní ìlú Orù nítòsí. Ìgbà yẹn ni àwọn tó mọ láńlọ́ọ̀dù máa ń yọjú. Ẹ má fi yàrá náà fún ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ìlà kèké àkọ́kọ́ náà ni kí ẹ padà lò, fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ náà, kí ẹ sì ka gbogbo ẹni tó ti gba yàrá sí ẹni tó ti ní yàrá báyìí. Bí Ṣadé bá jáde kúrò ní yàrá 1, Títí àti Yétúndé tó ti fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà, Títí ló sì ṣáájú. Yóò gba 1, yàrá 3 yóò sì ṣófo fún ẹni tó ń dúró níta.