Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwòrán Alátẹ̀léra Sọ Ìtàn Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Lórí Instagram

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin aláró, àgbẹ̀ àti ará ilé ní Òṣogbo tí ẹ ń fi fóònù tajà. Àwòrán alátẹ̀léra ni àwòrán mélòó kan tí a gbé sórí Instagram pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí òǹwòran á máa fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí aṣọ inú aró máa ń pa àwọ̀ dà níṣojú ẹni, àwòrán kan ṣoṣo ò sì lè fi ìyẹn hàn.

Ẹ kọ ìtàn náà sórí ìwé kí ẹ tó mú fóònù

Ẹ kọ iṣẹ́ náà ní gbólóhùn kúkúrú, gbólóhùn kan fún àwòrán kan. Tí ẹ bá rí i pé "lẹ́yìn náà" ti wọ àárín gbólóhùn kan, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ pín in sí àwòrán méjì. Ti àdìrẹ lè lọ báyìí:

1. Bí aṣọ funfun ṣe ń di àdìrẹ ẹlẹ́kọ.
2. Ẹ̀kọ láfún la fi ń ya ọnà sára aṣọ.
3. Ìyẹ́ adìyẹ ni kálámù wa.
4. Ẹ̀kọ ti gbẹ, aṣọ wọ inú aró.
5. Ó jáde, ó rí bí ewé tútù.
6. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di aró.
7. A họ ẹ̀kọ kúrò, ọnà funfun yọ.
8. Iye aṣọ náà, àti nọ́ńbà tí ẹ lè pè.

Àwòrán kìíní ló ń dá èèyàn dúró, nítorí náà, aṣọ tó ti parí ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò. Ẹ má sì fojú kékeré wo ìkejì. Ẹni tó bá wo ìkíní tí kò fà á, Instagram lè tún gbé ìkejì wá bá a nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ìkejì fi gbọ́dọ̀ yé ẹni tí kò rí ìkíní.

Ibi tí ìtàn ti ń yí: àwòrán karùn-ún àti ìkẹfà

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi di aró. Ẹ ya ìkarùn-ún bí aṣọ bá ṣe ń jáde gẹ́lẹ́, torí kò ní dúró dè yín. Kí ẹni tó ń yà á má kúrò lójú kan, kí ẹni tó di aṣọ mú náà má yísẹ̀ padà, títí ẹ ó fi ya ìkẹfà. Bí gbogbo nǹkan bá wà níbi tó wà, tí àwọ̀ nìkan yí, ńṣe ni aṣọ á pa dà lábẹ́ ìka òǹwòran.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni pé fóònù fúnra rẹ̀ ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ bá fi ìka tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ lójú kámẹ́rà fún ìgbà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dúró sójú kan. Ẹ wo ògiri tàbí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn aṣọ: tí àwọ̀ ìyẹn náà bá yí láàárín àwòrán méjèèjì, fóònù ló yí i, kì í ṣe aró.

Ìwọ̀n àti lẹ́tà

Nínú Canva, ìyẹn áàpù tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán, ẹ lo ìwọ̀n 1080 × 1350 píksẹ́lì fún gbogbo wọn. Àwòrán kìíní ló ń pinnu bí ìyókù ṣe máa rí. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, Instagram á gé orí àti ìsàlẹ̀ àwọn tó gùn. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà sún mọ́ etí, ẹ fi bíi 100 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà 60 dára, kó má sì kéré ju 40 lọ. Lẹ́tà funfun hàn lórí aró, ṣùgbọ́n ó máa sọnù sínú ẹ̀kọ funfun. Ẹ fi àmùrè dúdú kan sábẹ́ ọ̀rọ̀, kó wà lójú kan náà nínú gbogbo àwòrán, kí ojú má máa wá a kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù jáde sínú oòrùn bí ẹni tó wà ní Ọjà Ọba, kí ẹ nawọ́ rẹ̀ jìnnà. Èyí tí ẹ ò bá lè kà, ẹ gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó gbé e síta

Ẹ fún aládùúgbò kan tí kì í ṣe aláró ní fóònù náà, kí ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ibi tó bá ti fà á padà sẹ́yìn, nǹkan kan sọnù níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, torí kì í yé ẹni tí kò mọ aró pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi àwòrán kan kún un níbẹ̀ tó sọ ìyẹn.

Tí ẹ bá ń yan àwòrán lórí Instagram, bí ẹ ṣe tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ṣe máa tò. Ẹ wo nọ́ńbà tó ń yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀síwájú.