Bí a ṣe yí orúkọ ilé iṣẹ́ bàbá wa padà láì pàdánù oníbàárà

Bàtà nìkan ni bàbá wa ń tún ṣe, orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fi báàgì àti bẹ́líìtì kún un, ọjọ́ kan ṣoṣo la pààrọ̀ pátákó. Àṣìṣe ńlá! Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà àtijọ́ fi ń béèrè pé, “Ṣé ẹ ti ta ibẹ̀ ni?” Ti àkáǹtì ló wá burú jù: ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ rí orúkọ tí kò mọ̀, ó rò pé oníjìbìtì ni wá, ó sì dá owó rẹ̀ dúró.

A dá orúkọ àtijọ́ padà sábẹ́ tuntun, lórí pátákó àti rìsíìtì: “tí ẹ mọ̀ sí…” A ò fọwọ́ kan nọ́ńbà fóònù. A ò ti àkáǹtì àtijọ́ pa, a sì máa ń sọ orúkọ tí oníbàárà máa rí fún un kó tó sanwó. Bàbá fúnra wọn pe àwọn tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Ká sòótọ́, ohùn wọn ṣiṣẹ́ ju pátákó lọ. Ìgbà tí oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan mọ́ la tó yọ orúkọ àtijọ́ kúrò lórí rìsíìtì. Ti pátákó ṣì wà níbẹ̀.