Ẹ pa fídíò náà kí ẹ tó kọ kóòdù
Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ti wo fídíò àkójọ iṣẹ́ òòjọ́ ní JavaScript tán, ẹ pa á. Ẹ wá kọ ohun tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun: àkọsílẹ̀ ìnáwó, tó ń gba iye owó tí èèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí kan, tó sì ń ro ó pọ̀.

Ibi ìròpọ̀ yẹn ni ẹ ó ti kọsẹ̀. Ẹ ó tẹ 200, ẹ ó tẹ 300, yóò sì gbé 0200300 jáde. Ẹ má sáré padà sínú fídíò o! Ẹ bi kóòdù fúnra rẹ̀:

```
console.log(typeof iye)
```

Tó bá dáhùn `string`, ọ̀rọ̀ ni àpótí náà ń fún yín, kì í ṣe nọ́ńbà. `Number(iye)` ló ń yí i padà. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo lò lórí èyí, mi ò sì gbàgbé ẹ̀ mọ́.