Tíọ́rẹ́mù Cayley: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀, àti àpẹẹrẹ tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀

Ohun tí tíọ́rẹ́mù Cayley sọ kò gùn. Gúrúùpù yòówù kó jẹ́, a lè rí ẹ̀dà rẹ̀ láàárín àwọn àtúntò. Bí gúrúùpù G bá ní ohun n nínú, ẹ̀dà náà wà nínú S_n, ìyẹn gúrúùpù gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tún ohun n tò. Ẹ̀rí rẹ̀ kúrú débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀nà mìíràn tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n á dán an wò lórí gúrúùpù kékeré kan, ìdánwò náà á sì yọrí sí rere. Àpẹẹrẹ tí wọ́n yàn ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, màá sọ gúrúùpù tó ń fi í pamọ́ àti èyí tó ń tú u síta.

Ní 1854 ni Arthur Cayley gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, nígbà tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣáájú rẹ̀, àtúntò ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń wò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa gúrúùpù. Cayley wá ń wo gúrúùpù gẹ́gẹ́ bí àwọn àmì tí a lè so pọ̀ lábẹ́ òfin kan, láìbìkítà ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ohun tí tíọ́rẹ́mù náà ń fi hàn ni pé ọ̀nà tuntun yìí kò mú gúrúùpù kankan wá tí kò sí láàárín àwọn àtúntò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyí. Mú g kan nínú G, kí o sì kọ ọ́ sí iwájú gbogbo ohun tó wà nínú G lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
λ_g(x) = gx
```

Bí gx bá dọ́gba pẹ̀lú gy, adápadà g yóò pa g rẹ́ ní ìhà méjèèjì, x àti y á sì jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sí ohun méjì tó lọ sí ojú kan, kò sì sí y tí a kò lè dé, nítorí bí a bá kọ adápadà g sí iwájú y, ohun tí a rí ló ń lọ sí y. Nítorí náà λ_g kàn tún G tò ni. Bí a bá ṣe λ_h kí a tó ṣe λ_g, ohun tí x dà ni g(hx), èyí tó jẹ́ (gh)x. Nípa bẹ́ẹ̀, λ_g lẹ́yìn λ_h kò yàtọ̀ sí λ_gh. Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pe ohun inú G tí kì í yí ohun tó bá so mọ́ padà ní e. λ_g gbé e yìí lọ sí g, nítorí náà g tó yàtọ̀ síra máa ń fún wa ní àtúntò tó yàtọ̀ síra. Gbogbo ẹ̀rí náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é fún gúrúùpù onígunmẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ohun mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. r ni kí a yí onígunmẹ́ta náà ní ìdá kan nínú mẹ́ta. s ni kí a dojú rẹ̀ dé. Bí a bá ṣe r lẹ́ẹ̀mẹta, a padà sí e. Bí a bá ṣe s lẹ́ẹ̀mejì, a padà sí e. Òfin kan ṣoṣo tó kù ni rs = sr². Mo fún wọn ní nọ́ńbà báyìí:

```
1 = e    2 = r    3 = r²
4 = s    5 = sr   6 = sr²
```

Kọ r sí iwájú wọn. e di r, r di r², r² di e. Lẹ́yìn náà, s di rs, èyí tó jẹ́ sr². Bákan náà, sr² di rsr², èyí tó jẹ́ sr. Paríparí rẹ̀, sr di rsr, èyí tó jẹ́ s. Kọ s náà sí iwájú wọn bákan náà. Bí a bá kọ ìyípo kan bíi (1 2 3), ohun tó túmọ̀ sí ni pé 1 lọ sí 2, 2 lọ sí 3, 3 sì padà sí 1. A ó rí:

```
λ_r = (1 2 3)(4 6 5)
λ_s = (1 4)(2 5)(3 6)
```

Ṣe λ_s, kí o tó ṣe λ_r. 1 lọ sí 4, 4 lọ sí 6. 2 lọ sí 5, 5 lọ sí 4. 3 lọ sí 6, 6 lọ sí 5. Bí o bá bá a dé òpin, (1 6)(2 4)(3 5) ni o máa rí. Wá kọ sr² fúnra rẹ̀ sí iwájú gbogbo wọn: e di sr², ìyẹn 1 lọ sí 6, r di s, ìyẹn 2 lọ sí 4, r² di sr, ìyẹn 3 lọ sí 5. Àtúntò kan náà ni. Ẹ̀dà náà ń pa òfin rs = sr² mọ́.

Àmì kan wà níbí tí mo fẹ́ kí o máa wò nígbà gbogbo. Nínú ẹ̀dà tí Cayley ń fún wa, àtúntò e nìkan ló ń fi nọ́ńbà sílẹ̀ sí ipò rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù ń ṣí gbogbo nọ́ńbà nípò, àwọn ìyípo inú wọn sì ní gígùn kan náà: ìyípo mẹ́ta-mẹ́ta ni ti r, méjì-méjì ni ti s. Bí o bá rí (1 2)(4 5) nínú iṣẹ́ rẹ, tí 3 àti 6 jókòó sí ipò wọn, o ti ṣi ìṣirò ṣe níbì kan. Má wulẹ̀ tẹ̀ síwájú kí o tó rí i.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kíkọ g sí ẹ̀yìn x dípò iwájú rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé kò sí ìyàtọ̀. Ó ń tún G tò lóòótọ́, g tó yàtọ̀ síra sì ń fún wa ní àtúntò tó yàtọ̀ síra. Àwọn ìyípo rẹ̀ pàápàá dọ́gba, nítorí náà àmì tí mo sọ lókè kò ní tú u síta. Fún onígunmẹ́ta wa, ohun tó ń fún wa ni:

```
ρ_r = (1 2 3)(4 5 6)
ρ_s = (1 4)(2 6)(3 5)
```

Ṣe ρ_s kí o tó ṣe ρ_r: 1 lọ sí 4, 4 lọ sí 5. Ṣùgbọ́n rs ni sr², nọ́ńbà 6 ni, àtúntò tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé 1 lọ sí 6. Ohun tí a rí jẹ́ àtúntò sr, èyí tó túmọ̀ sí pé ètò náà ti yí rs padà di sr. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá kọ h sí ẹ̀yìn x, tí a sì wá kọ g tẹ̀lé e, xhg la ní, gh sì ti di hg. Bí gúrúùpù tí o fi ń dán an wò bá jẹ́ èyí tí gh àti hg ti dọ́gba nígbà gbogbo, bí àwọn nọ́ńbà tí a ń rò pọ̀ lójú aago, o kò ní rí àléébù kankan láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò dára kí olùkọ́ fi irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ nìkan ṣe àpẹẹrẹ tíọ́rẹ́mù yìí. Bí o bá fẹ́ràn ẹ̀yìn, kọ adápadà g sí ibẹ̀, ìyẹn xg⁻¹, ètò náà á sì tọ́. O tún lè pinnu pé láti òsì sí ọ̀tún ni wàá máa ka àtúntò, bí àwọn ìwé kan ti ń ṣe, ṣùgbọ́n má fi ìpinnu méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Àṣìṣe kejì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kàwé síwájú díẹ̀. Wọ́n á fi g sí iwájú, wọ́n á fi adápadà rẹ̀ sí ẹ̀yìn, x á wá di gxg⁻¹. Èyí ń pa ìsọdipúpọ̀ mọ́ dáadáa. Ibi tó ti kùnà ni pé ó lè kó ohun tó yàtọ̀ síra pọ̀ sí ojú kan. Mú gúrúùpù 0, 1, 2, 3, níbi tí 4 ti ń padà di 0. Bí o bá fi 1 kún x, tí o sì yọ 1 kúrò, x náà ló kù. Ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di àtúntò tí kò ṣe nǹkan kan. Fún gúrúùpù igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tó ní ohun mẹ́jọ nínú, yíyí ìdajì ń fún wa ní ohun kan náà, yálà a kọ ọ́ sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn ohun yòówù, nítorí náà òun náà pòórá, àtúntò mẹ́rin péré ló kù. Ṣùgbọ́n fún onígunmẹ́ta, kò sí ohun tó pòórá! Yàtọ̀ sí e, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó bá gbogbo yòókù ṣe ní ìdọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo bí ó ṣe yí padà: gúrúùpù tó tú àṣìṣe kìíní síta ló ń bo èkejì mọ́lẹ̀, irú èyí tó bo ti kìíní ló sì ń tú èkejì síta. Ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ̀rí tirẹ̀ wò gbọ́dọ̀ lo irú méjèèjì, ọ̀kan láti inú irú kọ̀ọ̀kan. Ní ti èyí, àmì ìyípo ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí geg⁻¹ ni e, nọ́ńbà 1 kò sì ní kúrò nípò láéláé.

Àwọn kan tún máa ń fi àkókò ṣòfò láti fi hàn pé λ_g fúnra rẹ̀ ń pa ìsọdipúpọ̀ inú G mọ́. Kò pa á mọ́, kò sì yẹ kó pa á mọ́: ó gbé e lọ sí g. Ohun tó ń pa ìsọdipúpọ̀ mọ́ ni ètò tó gbé g lọ sí λ_g.

Èyí tó kù ni ti iye n. Kíkọ pé «G jẹ́ S_n» kò tọ́ rárá. S_6 ní àtúntò 720, mẹ́fà péré nínú wọn sì ni ẹ̀dà onígunmẹ́ta wa. Bẹ́ẹ̀ ni tíọ́rẹ́mù náà kò sọ pé n ni iye tó kéré jù. Igun mẹ́ta tó ń ṣípò ti tó fún onígunmẹ́ta, S_3 gba gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́kù. Gúrúùpù nọ́ńbà mẹ́fà ojú aago wọ inú S_5, nítorí (1 2 3)(4 5) gba ìgbà mẹ́fà kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Má sì lọ gbà pé iye náà máa ń dín kù nígbà gbogbo. Mú gúrúùpù kúátẹ́níọ̀nù: 1, −1, i, −i, j, −j, k, −k, níbi tí i², j² àti k² ti jẹ́ −1. Ká ní ó ń tún ohun méje tò. Yan ọ̀kan nínú méje náà, pè é ní p. Ohun mẹ́jọ ló ń gbé p kiri, ibi méje péré ló sì lè dé, nítorí náà méjì tó yàtọ̀ síra, g àti h, ti gbé e lọ sí ibì kan náà. Nígbà náà h⁻¹g kì í ṣe 1, síbẹ̀ ó fi p sílẹ̀ sí ipò rẹ̀. Bí ohun kan bá fi p sílẹ̀, ṣíṣe é lẹ́ẹ̀mejì náà ń fi í sílẹ̀. Nínú gúrúùpù yìí, ohunkóhun tí kì í ṣe 1, bí kò bá jẹ́ −1 fúnra rẹ̀, −1 ló máa ń dà bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. −1 fi p sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí fún gbogbo méjèèje. −1 àti 1 ti wá di àtúntò kan náà, ẹ̀dà náà ti bàjẹ́. Ẹ̀rí yìí kan náà mú ohun tó bá kéré sí méje. Mẹ́jọ ló kéré jù, mẹ́jọ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀nà Cayley lò.