Má ṣe kó àǹfààní sí síláìdì kan, kó àléébù sí òmíràn: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ kíláàsì lórí agbára tí kì í tán

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní SS2 tí mo ń kọ́ ní físíìsì nílùú Ìlọrin dìde síwájú kíláàsì, ó ka síláìdì rẹ̀ sókè: "Àǹfààní sòlá: ọ̀fẹ́ ni, kì í tán, kì í rú èéfín." Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Tí kì í bá tán, kí ló dé tí sòlá ilé wa fi máa ń kú láago mẹ́sàn-án alẹ́ tó bá ti di oṣù kẹjọ?" Ọmọbìnrin náà wo síláìdì, ó wò mí. Ó ní ibì kan tó kọ ọ́ sí lóòótọ́, síláìdì kẹsàn-án, níbi tó kó àléébù gbogbo wọn jọ sí. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ níbẹ̀ kò ju "ojú ọjọ́" lọ.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn. Wọ́n á to àǹfààní oòrùn, omi, afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí oko sójú kan, wọ́n á sì to àléébù gbogbo wọn sójú mìíràn, bí ẹni pé méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló bí wọn. Kò sẹ́ni tó ń ta oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdí yẹn náà ni kò fi sẹ́ni tó lè ní kó yọ lóru. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dúró dè ọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, síláìdì kan fún orísun kan: ohun tó dára nínú rẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tó fa méjèèjì.

Àṣìṣe kejì wà lára èyí: wọ́n máa ń kọ ibi tí agbára mọ láìsí òǹkà. Òǹkà náà ò sì le, bí a bá kọ́kọ́ ya wáàtì sọ́tọ̀ kúrò lára wáàtì-wákàtí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń dà pọ̀. Wáàtì dà bí ìyára tí omi fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ; wáàtì-wákàtí ni iye omi tó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ọ̀ffà. Fáànù 60 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 360. Gílóòbù méjì, 10 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́fà, jẹ́ 120. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 480. Ẹ̀rọ ìgẹrun 15 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,080 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Ó gbé pánẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ 400 wáàtì sórí páànù. Ní oṣù kẹta, oòrùn tó ń ràn lágbègbè wa láti àárọ̀ dalẹ́ tó bíi wákàtí márùn-ún àbọ̀ tí oòrùn ọ̀sán gangan bá ń ràn láìdẹwọ́. 400 lọ́nà 5.5 jẹ́ 2,200. Ooru, eruku, wáyà, bátìrì àti ìnfátà á jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, yóò ku 1,650. Ara tù ú. Ní oṣù kẹjọ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, wákàtí náà á wálẹ̀ sí bíi mẹ́rin: 1,600, tí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó ku 1,200. Ó ṣì tó o, ṣùgbọ́n 120 péré ló fi lé.

Ká ní ó wá ra fìríìjì kékeré kan tó ń jẹ 500 lóòjọ́. Ohun tó ń lò di 1,580. Ní oṣù kẹta kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ní oṣù kẹjọ, 380 ni yóò máa dín lójoojúmọ́, inú bátìrì ni yóò sì ti máa yọ ọ́. Bátìrì olómi 12 fóòtì, 200 ámípíà-wákàtí, gba 2,400, ṣùgbọ́n a kì í lò kọjá ìdajì rẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́, èyíinì 1,200. Ọjọ́ kẹta, ó ti yọ 1,140. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ìnfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná á lọ. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn gan-an nìyẹn: oòrùn ò tán, bátìrì ni kò kún.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ pé ooru ni sòlá ń lò. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò; ooru ń dín in kù ni. Bí ara pánẹ́ẹ̀lì bá ti gbóná kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù tó sì gbóná dé 60 ti pàdánù 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá.

Ó máa ń dùn mí tí ọmọ Kwara bá fi àwòrán ìdídò ilẹ̀ òkèèrè sórí síláìdì omi, nígbà tí Jẹ́bà wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Omi Odò Ọya tó ti yí ẹ̀rọ Kàìnjì lókè ló tún ń ṣàn wá yí ti Jẹ́bà. Kàìnjì ti wà láti 1968, agbára ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Ti Jẹ́bà tó bíi 578. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé a lè dá omi dúró, ká tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ iná, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ibi tó mọ ni pé bí omi Kàìnjì bá fà kí òjò tó dé, àtòun àti Jẹ́bà ni iná wọn jọ ń dín kù. Nígbà tí omi bá sì pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, oko àwọn ará Pàtígì nísàlẹ̀ odò ló ń gbà á. Bí 44,000 ènìyàn ló kó kúrò nílé nígbà tí wọ́n ń ṣe Kàìnjì. Ọmọ tó kọ "kò ba àyíká jẹ́" sórí síláìdì omi kò tíì wádìí tó.

Ti afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ gùn. Agbára rẹ̀ ń tẹ̀lé ìyára lọ́nà ìyára lọ́nà ìyára: bí ìyára bá dín sí ìdajì, agbára á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Kàtsínà ni wọ́n gbé òpó afẹ́fẹ́ mẹ́tàdínlógójì lọ, kì í ṣe Ìlọrin. Ní ti igi ìdáná àti èédú, wọ́n kì í tán kìkì bí a bá ń gbin igi tó ìwọ̀n tí a ń gé; ẹ kọ gbólóhùn yẹn sórí síláìdì, kí ẹ tó ka èédú mọ́ agbára tí kì í tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà padà wá pẹ̀lú síláìdì mẹ́fà dípò mọ́kànlá: ìbéèrè, oòrùn, omi, afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí oko, àti èyí tó bá ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ mu. Síláìdì oòrùn rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

Oòrùn: a kì í rà á, a ò sì lè pè é.
Oṣù kẹta: 1,650. Oṣù kẹjọ: 1,200.
Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ń lo 1,080. Kò tíì sí àyè fìríìjì.